Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ọmọ fún Bàbá Tó Ń Ṣàìsàn Lẹ́wọ̀n

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn máa ń fẹ́ gbọ́ nígbà tí ara bá dẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ó ti kan ilẹ̀kùn ju ilé kan lọ nínú ìjọ wa, àwọn tí ó sì kàn kì í fẹ́ sọ ọ́ síta nítorí ìtìjú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà ìlú wa níhìn-ín ní Àríwá wá bá wa lẹ́yìn Mísà òwúrọ̀. Bàbá rẹ̀, ẹni ọdún 76, wà lẹ́wọ̀n ní ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá. Ìjà ààlà oko ni ó gbé e débẹ̀. Ó ti ìbátan rẹ̀ kan lulẹ̀, onítọ̀hún fi orí gbá òkúta, ó sì kú. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà sọ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ pa á, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ẹni náà ti kú. Wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ní oṣù Kejì ọdún 2019. Nígbà tí ó pẹ́ níbẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì kọṣẹ́.

Obìnrin yìí ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kan rí. Ojú ewé 5 ni, ó sì fi ránṣẹ́ sí Ààrẹ ní Àbújá. Oṣù 8 kọjá, kò rí èsì. Ó mú ẹ̀dà ìwé náà fún wa, a sì kà á tán níbi tí ó jókòó sí. Omijé pọ̀ nínú rẹ̀, òtítọ́ náà sì pọ̀. Síbẹ̀, bí a ti ń kà á lọ ni a ń rí ìdí tí kò fi lè so èso. Ẹni tí kò ní agbára lórí ọ̀ràn náà ni ó kọ ọ́ sí. Ojú ewé 3 nínú 5 ni ó fi ń jiyàn pé bàbá òun kò jẹ̀bi. Àìsàn bàbá náà kò gbà ju ìlà méjì lọ. Kò sì sí ibì kankan tí ó ti sọ ibi tí bàbá náà yóò gbé bí wọ́n bá tú u sílẹ̀.

A sọ fún un pé, “Ìyá wa, ìwé ìgbèjà ni ẹ kọ yìí, kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ lónìí rọ̀ mọ́. Ilé ẹjọ́ ni a ti ń gbèjà. Ẹni tí ó bá kọ̀wé pé kí a ṣàánú ti gbà pé ìdájọ́ ti wáyé. Ohun tí ó kù tí ó lè béèrè ni pé, pẹ̀lú ipò tí ara ẹni náà wà yìí, kí a má ṣe jẹ́ kí ìyà náà kọjá ohun tí adájọ́ ní lọ́kàn. Adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún un. Kò dá ikú fún un.

Ohun àkọ́kọ́ tí a kọ́ ọ láti wádìí ni ẹni tí ẹlẹ́wọ̀n náà jẹ́ tirẹ̀. Èyí máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni àwọn wọ́dà tí ń ṣọ́ bàbá náà, nítorí náà àwọn ará ilé a rò pé Ààrẹ ni ó ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n kọ́ ni à ń wò. Òfin tí ó rú ni à ń wò. Ẹ̀ka 175 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún Ààrẹ ní agbára láti ṣàánú àwọn tí ó rú òfin ìjọba àpapọ̀, irú bí òfin tí ó de gbígbé oògùn olóró. Ẹ̀ka 212 fún gómìnà ní irú agbára kan náà lórí àwọn tí ó rú òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ ni ó sì de irú ìpànìyàn tí a ń sọ yìí. Gómìnà ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti dá ẹjọ́ bàbá náà nìkan ni ó lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yìí. Gómìnà ibi tí ọmọ ń gbé tí ó sì ń san owó orí kò lè gbọ́ ọ. Ààrẹ pàápàá kò lè gbọ́ ọ.

Bí ẹ kò bá mọ òfin tí ẹni yín rú, ẹ béèrè nọ́ńbà ẹjọ́ náà àti orúkọ ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú ìwé ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ mú un tọ lọ́yà kan lọ. Ẹni tí kò bá lówó lọ́yà lè lọ sí ọ́fíìsì àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti gba ẹjọ́ aláìní rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sì lè lọ bá ìgbìmọ̀ ìdájọ́ òdodo àti àlàáfíà ti díósíìsì rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí dáadáa. Bí wọn kò bá tíì dá ẹjọ́ ẹni náà, tí ó kàn ń dúró de ìgbẹ́jọ́, kì í ṣe ìwé sí gómìnà ni oògùn rẹ̀. Bélì ni ó yẹ kí lọ́yà rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀ fún níwájú adájọ́. Ní ibẹ̀ náà, àìsàn lásán kò tó. Ní ọdún 2002, nígbà tí wọ́n ń bá Mohammed Abacha ṣẹjọ́ lórí ikú Kúdíràtù Abíọ́lá, ó bẹ̀bẹ̀ fún bélì nítorí àìsàn títí dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, wọn kò sì fún un. Ohun tí àwọn adájọ́ máa ń fẹ́ rí nínú irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìwé tó dájú láti ọwọ́ dókítà tí ó mọ àìsàn náà dunjú, àti ẹ̀rí pé àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n kò ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bélì ni ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ̀wé sí gómìnà náà lè fi kọ́gbọ́n.

Ohun kejì ni ọjọ́ ìjáde. Kí a tó kọ ìwé tuntun, a ní kí obìnrin náà béèrè ọjọ́ náà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ẹlẹ́wọ̀n tí ó bá hùwà rere sábà máa ń rí ìdá kan nínú mẹ́ta yọ kúrò nínú ọdún tí wọ́n dá fún un, àfi ẹni tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ jẹ́ ti gbére. Ọdún 14 jẹ́ oṣù 168; ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ oṣù 56, èyí tí í ṣe ọdún 4 àti oṣù 8. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2033 ni ọdún 14 yóò pé, oṣù Kẹfà ọdún 2028 ni bàbá náà yóò jáde bí ìwà rẹ̀ bá dára. Èyí yí ẹ̀bẹ̀ náà padà. Ohun tí ọmọ ń béèrè lọ́wọ́ gómìnà kì í ṣe ọdún 9 mọ́. Ọdún 4 àti oṣù díẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá mọ iye ohun tí ó ń tọrọ, ojú rẹ̀ kì í tijú láti tọrọ rẹ̀.

Ohun kẹta, òun ni ọ̀pá tí ó gbé gbogbo ilé ró: ìwé dókítà. Obìnrin náà ti ní ìwé kan tẹ́lẹ̀ láti ilé ìwòsàn aládàáni kan. Dókítà tí ó kọ ọ́ kò fojú kan bàbá náà rí. Àlàyé ọmọ ni ó gbọ́ tí ó fi kọ ọ́. Ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé aláìsàn náà kò ní lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Oṣù 10 ti kọjá lórí ìwé náà, bàbá ṣì wà láàyè. Bí ìgbìmọ̀ bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọn kò ní gba òtítọ́ tí ó kù nínú ẹ̀bẹ̀ náà gbọ́ mọ́.

Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyí. Ẹbí kọ̀wé sí ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n pé kí dókítà ọgbà náà yẹ aláìsàn wò, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó ní onímọ̀ àìsàn náà. Onímọ̀ náà ni yóò kọ ìwé, yóò fi orúkọ àti òǹtẹ̀ sí i, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ irú àìsàn tí ó jẹ́ àti àyẹ̀wò tí ó fi hàn. Ó gbọ́dọ̀ sọ ìtọ́jú tí ó nílò àti iye ìgbà tí ó nílò rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá rí i gbà. Ní ti bàbá yìí, dókítà kọ ọ́ pé ó yẹ kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, nǹkan bí wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí ìwé dókítà parí sí ni ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. A bẹ ọ̀gá ọgbà náà pé kí ó kọ iye ìgbà tí wọ́n ti gbé bàbá dé ìdí ẹ̀rọ yẹn ní tòótọ́. Ọkùnrin náà jẹ́ olóòótọ́. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó kọ ọ́ pé láàárín oṣù 3, ìgbà 9 ni wọ́n lè gbé e lọ, nítorí pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ọkọ̀ náà ni ó sì ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ wò ó: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ láàárín oṣù 3 tó ìgbà 39. Bàbá rí ìgbà 9 gbà. Kò sí ẹkún tí ọmọ lè sun tí ó lè sọ̀rọ̀ tó nọ́ńbà méjì yìí. Ẹni tí ó bá kà á mọ̀ pé wọ́dà kò fìyà jẹ ẹ́, dókítà kò sì pa irọ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n náà kò lè ṣe ohun tí ara rẹ̀ ń béèrè ni.

Ohun kẹrin ni ó le jù fún obìnrin náà láti gbà. Nínú ìwé àkọ́kọ́, ó ti pe ẹbí olóògbé ní oníjàgídíjàgan. A ní kí ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó bínú sí wa, ó sì lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà wá, ó ní, “Fada, ọkùnrin yẹn ní ọmọbìnrin kan tí a jọ lọ sí ilé ìwé. N kò tíì bi í léèrè rí bí ó ti ń ṣe.” Ó rìnrìn àjò lọ sílé. Ó mú àwọn àgbà ẹbí méjì dání, wọ́n sì lọ kúnlẹ̀ níwájú opó náà. Opó náà kò sọ pé òun dárí jì wọ́n. Ohun tí ó sọ ni pé òun kò ní lọ kọ̀wé tako ẹ̀bẹ̀ wọn, bí bàbá náà kò bá ti ní padà wá gbé ní abúlé. Obìnrin wa kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí opó ti sọ ọ́, kò fi àmúlùmálà kankan sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣejù ni èyí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Ààrẹ ti ṣàánú ènìyàn 175. Ariwo ta láàárín ìlú nítorí irú ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti yẹ ìwé náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì yọ orúkọ àwọn kan kúrò. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àánú, bí a tilẹ̀ gbàgbé rẹ̀.

Nígbà náà ni a tó jókòó kọ ìwé tuntun. Ojú ewé kan ààbọ̀ ni. Orí gómìnà ni a kọ ọ́ sí, ó sì gba ọwọ́ Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìdájọ́, nítorí ọ́fíìsì rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí ń gba gómìnà ìpínlẹ̀ náà nímọ̀ràn lórí àánú ti ń gba ìwé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ ti sọ ọ́ lẹ́nu fún wa kí a tó kọ ọ́ nìyí:

“Ọlọ́lá jù lọ, èmi ni àkọ́bí bàbá tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ilé ẹjọ́ gíga dá a lẹ́bi ní oṣù Kejì ọdún 2019, ó sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14. N kò kọ̀wé yìí láti jiyàn ìdájọ́ náà. Ènìyàn kan kú, ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. A ti lọ bẹ̀ wọ́n, ohun tí wọ́n sì sọ wà nínú ìwé tí mo so mọ́ èyí.

“Bàbá mi ti lo ọdún 5. Bí ìwà rẹ̀ bá dára títí, yóò jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2028. Kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́. Dókítà ní kí wọ́n máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n kọ̀wé pé ìgbà 9 ni wọ́n lè ṣe é láàárín oṣù 3. Dókítà kò retí pé yóò rí ọdún 2028 bí ó bá ń lọ báyìí.

“Mo bẹ yín kí ẹ dárí ọdún 4 àti oṣù 4 tó kù jì í. Kò ní padà sí abúlé. Yóò máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ní ìlú tí ilé ìwòsàn náà wà, nínú yàrá ìsàlẹ̀ tí kò ní àtẹ̀gùn. Àwa ọmọ mẹ́rin ni a ó máa san owó ìtọ́jú rẹ̀. A ti fọwọ́ síwèé ìbúra lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó máa fara hàn fún àwọn aláṣẹ lóṣooṣù, àwa ni a ó máa gbé e wá.”

Ó so ohun 5 mọ́ ọn: ẹ̀dà ìdájọ́, ìwé dókítà, ìwé ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n nípa ìtọ́jú àti ìwà bàbá náà, ọ̀rọ̀ opó, àti ìwé ìbúra àwọn ọmọ. Ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì tọ́jú ẹ̀dà kan tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ gbígbà lé lórí. Òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀ pé ìwé náà dé ibi tí ó ń lọ. Ọkùnrin kan wá bá a lẹ́yìn èyí pé òun mọ ẹni tí yóò gbé ìwé náà wọlé kíákíá bí ó bá lè wá owó. Ó bi wá léèrè, a sì ní kí ó máa lọ sílé rẹ̀. Àánú tí a fi owó rà ní ìkọ̀kọ̀ lè sọ ọmọ náà di ẹlẹ́wọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

Ẹ má ṣe retí pé yóò yá. Òfin kò sọ iye ọjọ́ tí gómìnà gbọ́dọ̀ fi dáhùn, kò sì pọn ọ́n ní dandan pé kí ó dáhùn rárá. Ọ̀pọ̀ gómìnà máa ń fi irú àánú yìí mọ́ àkókò ọdún tàbí ọjọ́ òmìnira. Bí wọ́n bá sì gbà pàápàá, ìkéde kì í ṣe ìtúsílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n fọwọ́ sí àánú fún ènìyàn 159 ní Àbújá. Joshua Dariye àti Jolly Nyame tí wọ́n ti jẹ́ gómìnà rí wà nínú wọn. Oṣù Kẹjọ ni àwọn méjèèjì tó jáde ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje. Wọ́dà kò lè ṣílẹ̀kùn nítorí ohun tí a gbọ́ lórí rédíò; ìwé àṣẹ tí a fọwọ́ sí ni ó ń dúró dè. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ìkéde, ẹ lọ béèrè bóyá ìwé àṣẹ ti dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí ẹ sì rí i pé orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀ bá èyí tí ó wà nínú ìwé ẹ̀wọ̀n mu. Lẹ́tà kan tí ó bá yàtọ̀ nínú orúkọ lè dá ènìyàn dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ní ti bàbá tí a ń sọ, orúkọ rẹ̀ jáde ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kìíní kí ó tó kúrò lọ́gbà. Wọn kò sọ pé kò jẹ̀bi. Ìdájọ́ náà ṣì wà níbi tí ó wà. Ìyókù ìyà ni a dárí rẹ̀ jì í. Àwọn ọmọ ń gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ nígbà tí owó bá wà, ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tí kò bá sí. Ó lo oṣù 7.

Nígbà tí obìnrin náà wá fi ìròyìn ikú náà tó wa létí, ó ní bàbá òun kò dá wà nígbà tí ó ń lọ. Àbúrò òun di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tún ní ọmọ opó náà wá síbi ìsìnkú. Ó dúró lẹ́yìn, kò jẹun, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó wá.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, ẹ má ṣe fi í pamọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ mú ìwé ẹjọ́ náà wá sọ́dọ̀ wa ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí a máa ń ríran ẹni. Àlàáfíà Olúwa kí ó wà pẹ̀lú yín àti àwọn ará ilé yín tó wà ní àhámọ́.